Bí a ṣe ń ṣírò owó tí a yá láti fi ra ọkọ̀, àti èlé tí àfikún owó ń gé kúrò

Kí o tó mú kálámù, bi báńkì léèrè: ṣé orí gbèsè tó kù ni èlé yóò máa gùn, àbí orí gbogbo owó tí mo yá títí màá fi san án tán? Bó bá jẹ́ orí gbogbo owó, àfikún tí o bá san lè má dín kọ́bọ̀ kù nínú èlé. Ti gbèsè tó kù ni mo fẹ́ ṣírò níbí.

Ká ní o yá ₦5,000,000, kí o san án ní oṣù 36, èlé 24% lọ́dún. Ìyẹn 2% lóṣù. Tẹ èyí sínú Excel:

```
=PMT(24%/12,36,-5000000)
```

₦196,164 ni wàá máa san lóṣù. Lẹ́yìn oṣù 36, èlé nìkan á ti tó nǹkan bíi ₦2,062,000.

Wàyí o, fa ìlà sínú ìwé. Ìwé ẹsáṣáìsì ọmọléèwé àti kakulétọ̀ orí fóònù tó. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ ni kí o fi ṣe é, kí o lè rí ibi tí owó ń gbà lọ. Èlé oṣù kìíní: 2% nínú mílíọ̀nù márùn-ún, ₦100,000. Yọ ọ́ kúrò nínú ₦196,164. ₦96,164 tó ṣẹ́kù ló bọ́ sára ojú owó. Gbèsè di ₦4,903,836. Orí èyí ni èlé oṣù kejì yóò gùn: ₦98,077. Bẹ́ẹ̀ ni wàá máa bá a lọ.

Bí o bá ń fi ₦30,000 kún un lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, yọ òun náà kúrò lára gbèsè. Gbèsè á parí ní oṣù 30, owó tí wàá san ní oṣù tó kẹ́yìn kò sì ní ju ₦108,000 lọ. Èlé tí o bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á tó ₦395,000.

Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣìṣe nìyí o. Wọ́n á san ₦30,000, báńkì á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àsansílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Owó á kàn jókòó síbẹ̀, ojú owó kò ní dín, èlé kò ní dín. Ẹlòmíràn ni báńkì á bá dín iye tó ń san lóṣù kù, àmọ́ oṣù 36 á wà níbẹ̀ digbí. Èlé tí onítọ̀hún máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní pọ̀ tó bó ṣe rò. Nítorí náà, má fẹnu sọ ọ́. Kọ lẹ́tà, kí o sọ pé ojú owó ni kí wọ́n yọ àfikún náà lára, kí iye tí ò ń san lóṣù má yí padà, kí iye oṣù dín kù. Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ.

Lóṣù kejì, gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ, kí o wo ìlà èlé nìkan. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ₦97,477 lo máa rí níbẹ̀ dípò ₦98,077. ₦600 péré ni ìyàtọ̀ náà, òun sì ni ẹ̀rí. Báńkì tó ń ka èlé lójoojúmọ́ lè ní iye tó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí oṣù kan gùn ju òmíràn. Ní kí wọ́n fi iye ọjọ́ tí wọ́n kà hàn ọ́. Bí ₦98,077 bá ṣì wà níbẹ̀ gbọnin, mú ẹ̀dà lẹ́tà rẹ padà lọ kí oṣù kẹta tó wọlé.