Géèjì tó dúró sí ìdajì

Ọ̀gá wa ní ẹ̀ka ọjà ló bi mí nípa àwòrán aláàbọ̀ òbírí tí mo fi ń ṣàfihàn iye ọjà tí a tà: "Kí ló dé tí géèjì yìí kì í kúrò ní ìdajì?" A ta ọjà mílíọ̀nù 4 náírà lóṣù kan, a ta 6 lóṣù kejì, síbẹ̀ kò mira.

Àṣé bí a kò bá fi nǹkan kan sí `Maximum value` nínú Power BI, ìlọ́po méjì iye tó wà lọ́wọ́ ló máa fi ṣe òpin: 8, lẹ́yìn náà 12. Àfojúsùn wa, mílíọ̀nù 10, wà nínú àkọlé nìkan. Mo fi 10 ṣe òpin, ṣùgbọ́n nígbà tí a ta 11, ó kàn kún ni, mílíọ̀nù 1 tó lé ò hàn lórí rẹ̀.

Mo wá yí i sí búlẹ́ẹ̀tì ṣáàtì: `Clustered bar chart` onígi kan, ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 0, ó parí sí mílíọ̀nù 12, mo sì fi `Constant line` dúdú sórí 10. Búlẹ́ẹ̀tì pípé máa ń ní àwọ̀ lẹ́yìn igi tó ń fi ìpele hàn: èyí tó burú, èyí tó dára díẹ̀, èyí tó dára. Mi ò fi sí i, torí kò sẹ́ni tó tíì fẹnu kò lórí iye tó dára díẹ̀.

Ní báyìí, igi tó kọjá ìlà, ojú rí i. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì fi àyè sílẹ̀ fún iye gan-an.