Mo gbá díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi gbá púpọ̀, òun ló tún borí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àwa tí a máa ń gbá góòfù ní Ikẹjà ní Sátidé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka póìntì Stableford. Èmi gbá 90, bógì ní gbogbo ihò, ìyẹn ẹyọ kan ju páà, iye tó yẹ ká fi parí ihò. Ọ̀rẹ́ mi gbá 92: bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó sómi ní ihò páà 4 kan, ó gbá 10 níbẹ̀. Ó gbá páà ní ihò mẹ́ta, bógì ní mẹ́rìnlá tó kù. Hándíkáàpù àwa méjèèjì, 18 ni, páà pápá náà sì jẹ́ 72. Wọ́n ní òun ló borí, èmi ni mo ra sùyà. Ṣé a ṣìrò ni?

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣìrò, àbúrò. Sùyà yẹn, ìwọ lo jẹ gbèsè rẹ̀.

Hándíkáàpù 18 túmọ̀ sí pé wọ́n á yọ sitíróòkù kan kúrò nínú iye tó o gbá ní ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tó kù lẹ́yìn yíyọ bá ṣe déédéé pẹ̀lú páà, póìntì 2 ni. Bó bá fi ẹyọ kan ju páà, 1 ni. Bó bá fi ẹyọ kan dín, 3 ni. Bó bá fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju páà, òdo ni, ì báà jẹ́ méjì, ì báà jẹ́ mẹ́wàá.

Bógì rẹ méjìdínlógún mú póìntì 2 wá níkọ̀ọ̀kan: 36. Páà mẹ́ta ọ̀rẹ́ rẹ mú 9 wá, bógì mẹ́rìnlá rẹ̀ mú 28 wá, ihò olómi mú òdo. Ó di 37. Góńgó ibẹ̀ ni pé 10 tó gbá kò burú ju 7 lọ. Dókítà Frank Stableford tó kọ́kọ́ dán irú ètò yìí wò nílẹ̀ Wales lọ́dún 1898 ò fẹ́ kí ihò kan ṣoṣo ba ọjọ́ èèyàn jẹ́. Kódà, ọ̀rẹ́ rẹ fi àkókò yín ṣòfò: nígbà tó ti gbá mẹ́fà tí bọ́ọ̀lù ò tíì wọlé, ó yẹ kó ti gbé e sápò.

Ìbéèrè: Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí n kàn máa gbá a sọdá omi nígbà gbogbo ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òdo kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Gbé ihò páà 4 kan yẹ̀ wò. Bó o bá yí omi ká, 5 dájú fún ọ, póìntì 2. Bó o bá gbá a sọdá tó sì yọrí sí rere, 4 ni, póìntì 3. Bó bá kó sómi, ká ní òdo ni. Nínú ìgbà mẹ́wàá, ẹni tó yí ká á ní 20. Ẹni tó sọdá lẹ́ẹ̀mẹfà á ní 18, ó pàdánù. Lẹ́ẹ̀meje, ó di 21, ó ti jèrè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ koríko gíga ló wà níwájú, tó jẹ́ pé àṣìṣe á ṣì fún ọ ní 6, ìyẹn póìntì 1, ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú mẹ́wàá á fún ọ ní 22. Nítorí náà, bi ara rẹ léèrè ohun tí àṣìṣe á ná ọ, má kàn wo bí o ṣe lágbára tó.

Ibi tí ìgboyà ti jẹ́ ọ̀fẹ́ gan-an ni orí gíríìnì, nígbà tí ihò náà bá ti bàjẹ́. Mo ti gbá márùn-ún nígbà kan ní ihò páà 4, bọ́ọ̀lù wà ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ihò. Mo ń rọra bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ tì í jẹ́jẹ́ kó má baà kọjá. Kádì mi, ọmọ tó ń bá mi gbé àpò igi, ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ń bẹ̀rù? Méje àti mẹ́jọ, òdo ni méjèèjì." Òótọ́ ló sọ. Èyí tó kúrú ò lè wọlé láé. Tì í kó lágbára.

Ìbéèrè: Ẹnìkan nínú wa ní hándíkáàpù 22. Sitíróòkù mẹ́rin tó lé sí 18, a máa ń jẹ́ kó lò ó síbi tó bá wù ú. Òun ló ń borí ní gbogbo ìgbà.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ ń fà á lé e lọ́wọ́! Wọn kì í yàn án lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti wọlé. Ẹ wo káàdì: ihò kọ̀ọ̀kan ní índẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe le tó, láti 1 títí dé 18, ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà ihò fúnra rẹ̀. Mẹ́rin tó lé yẹn, ihò tí índẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1 sí 4 nìkan ló lọ sí. Ní ihò páà 4 tí índẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jẹ́ 3, 6 tó bá gbá di póìntì 2. Níbi tí índẹ́ẹ̀sì jẹ́ 9, 6 kan náà, póìntì 1 péré ni. Ẹ sàmì sí i lórí káàdì kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣe èyí, tó sì tún ń mú 42 tàbí 43 wálé ní Sátidé mẹ́rin tẹ̀ léra, a jẹ́ pé 22 yẹn fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù fún un. 36 ni ẹni tó gbá déédéé hándíkáàpù rẹ̀ máa ń ní.