Ọparun Abẹ́ Dẹ́kín: Bí A Ṣe Ń Tò Ó àti Ọjọ́ Tí Ó Yẹ Kí A Yọ Ọ́

Dẹ́kín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kò tíì lè gbé ara rẹ̀. Pákó àti ọparun tó wà nísàlẹ̀ ló ru gbogbo ẹrù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóròó, tí dẹ́kín rẹ̀ nípọn ní ínṣì 6. Kọnkéré rẹ̀ nìkan yóò wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5. Bí àlàfo tó wà láàárín ọparun kan sí èkejì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 níhà gbogbo, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ru nǹkan bíi kìlógíráàmù 140, láì ka àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìn lókè. Bí káfíńtà bá fẹ́ ṣọ́ owó ná, tó sì fi àlàfo náà sí ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ju 300 lọ: àlàfo fi ìdajì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹrù ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Ìdí ọparun ni ọ̀ràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo wà níbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti gbé ọparun lé ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n da dẹ́kín, ọparun mẹ́ta rì, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, a rí i pé àárín àjà náà ti wọ́ sílẹ̀ bí ikùn aboyún. Kò sí ohun tó lè tún un gbé sókè mọ́. Nítorí náà, ẹ fi pákó tó nípọn tẹ́ abẹ́ ọparun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi igi so wọ́n pọ̀ mọ́ra ní agbedeméjì gíga wọn kí wọ́n má baà yẹ̀.

Ní ti ọjọ́ yíyọ, bí a bá lo sìmẹ́ńtì 42.5 tí a sì ń bomi rin dẹ́kín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, agbára rẹ̀ lọ́jọ́ keje kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí yóò ní lọ́jọ́ 28. Àwọn ẹnjinníà lè yọ ọparun ṣáájú bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ dán kọnkéré náà wò. Ilé tí a kò ti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ fi ti yàrá sílẹ̀ fún ọjọ́ 21, kí ẹ fi ti bíìmù àti bákónì sílẹ̀ fún 28. Ọjọ́ tí ẹ da kọnkéré tán ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí bíríkìlà bá ti fẹ́ kó búlọ́ọ̀kù sókè, ẹ má yọ ohunkóhun, nítorí ọgọ́rùn-ún búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 tí a kó jọ sójú kan ju tọ́ọ̀nù 2 lọ.

Nínú yàrá, àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ti bákónì yàtọ̀: etí rẹ̀ tó yọ síta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sídìí ògiri. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ ti ìdí ògiri, ọparun tó kù létí yóò máa tì í sókè, àárín rẹ̀ yóò sì wà láìlátìlẹyìn, bẹ́ẹ̀ òkè ni irin rẹ̀ wà, kò sí nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ tán, ẹ ta okùn láti ògiri dé ògiri lábẹ́ àjà, kí ẹ wọn àlàfo tó wà ní àárín, kí ẹ sì tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì. Bí àjà bá ṣì ń wálẹ̀, ẹ tún ọparun gbé padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pe ẹnjinníà.