Bí a ṣe ń fi ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta rọ́pò bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, mo kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún náà fún pọ́ńdì ẹja àrọ̀ wa ní Ìkòròdú, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, tí wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, bébà yẹn di ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ohun tá à ń ṣe látìgbà náà nìyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, mú oṣù méjìlá tó wà níwájú, kó o pín in sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Má ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Kọ iye ẹja, iye àpò oúnjẹ, iye tí wọ́n ń ta àpò kan àti iye kílò tó o máa tà; àwọn ló ń bí owó. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló nílò àlàyé kíkún.

Tí oṣù mẹ́ta bá parí, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, yọ oṣù mẹ́ta tó parí náà kúrò nínú ìṣirò, kó o sì fi oṣù mẹ́ta tuntun sí ìparí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í: wọ́n á tún èyí tó kù ṣe títí dé oṣù kejìlá, wọ́n á dúró síbẹ̀. Ọmọ ẹja tó o kó wọlé ní oṣù kẹwàá, ọdún tó ń bọ̀ lo máa tà á. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ìwé, owó tó máa mú wá kò sí níbẹ̀.

Ó wá ku àkọsílẹ̀ àtúnṣe. Má pa iye àtijọ́ rẹ́ láé. Nínú Excel, ṣe ẹ̀dà síìtì náà, kó o fi ọjọ́ sọ ọ́ lórúkọ, bíi `2025-09-30`. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tó yí padà, iye tẹ́lẹ̀, iye tuntun, ìdí rẹ̀ àti ẹni tó fọwọ́ sí i.

Lẹ́ẹ̀kan, a kọ àpò oúnjẹ 80 ní ₦24,000, ìyẹn ₦1,920,000. A wá ra 90 ní ₦27,000, ó di ₦2,430,000. Mo kọ "oúnjẹ ti wọ́n" síbi ìdí. Bùọ̀dá mi tá a jọ ni pọ́ńdì kò fọwọ́ sí i: "Ọ̀wọ́n ló bí àpò mẹ́wàá?"

A tú u wò. Owó tó gun orí àpò 80 jẹ́ ₦240,000. Àpò mẹ́wàá tó lé sì gba ₦270,000. Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe ẹjọ́ ọjà rárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a lọ síbi omi, a bá oúnjẹ tó léfòó lójú rẹ̀, tí ẹja kò jẹ. Ọmọ tó ń bọ́ wọn ń da iye kan náà sí i lójoojúmọ́, ẹja ìbá à yó, ìbá à má yó. Nítorí náà, iye tuntun tá a kọ fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni àpò 80 ní ₦27,000, a kò kọ 90.