Bí mo ṣe fi owó oṣù sílẹ̀ nítorí èlùbọ́

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Wuse, tí mo sì ń ta èlùbọ́ Ṣakí ní Kubwa. (Òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ dán an wò o. Òfin ò gbà á láyè láti ní òwò mìíràn, àfi iṣẹ́ oko.) Ọmọbìnrin kan ló ń bá mi tajà, alẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ni èmi máa ń yọjú.

₦180,000 ló ń wọ àpò mi lóṣù. Lóṣù kan, mo yọ owó tí mo fi ra ọjà kúrò nínú owó tí mo tà, ó ku ₦240,000. Mo ti ń ronú ohun tí màá kọ sínú lẹ́tà fún ọ̀gá. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tómi, ta ló san owó ṣọ́ọ̀bù?"

Mo mú bírò. Awakọ̀ àti alábàárù, ₦48,000. Ọmọ tó ń tajà, ₦45,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá pín in sí oṣù, ₦25,000. Ọ̀rá, ₦12,000. Èlùbọ́ tó bu, ₦20,000. ₦90,000 péré ló ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ yìí wá, owó oṣù mi ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù, èmi wá ń pè é ní èrè.

Èyí tó bu ló dùn mí jù. Orí sìmẹ́ńtì la ń to àpò sí, omi ilẹ̀ sì ń fà sókè lásìkò òjò. A tẹ́ pákó sábẹ́ wọn. Kí n tó gba ọjà báyìí, màá ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, màá fún èlùbọ́ mọ́wọ́: tó bá dì pọ̀, kò tíì gbẹ, ó ń padà sọ́dọ̀ awakọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún àwọn olóúnjẹ. Mọ́kànlá ni wọ́n, àpò kan lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrè orí àpò kò ju ₦3,000 lọ lẹ́yìn owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n àpò mẹ́rìnlélógójì ni lóṣù. Ẹni tí kò bá tíì san owó ti àná, mi ò já òmíràn fún un, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní èrè ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ tó ₦200,000 lóṣù kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ₦180,000, nítorí ilé iṣẹ́ náà ń fi owó tirẹ̀ kún owó ìfẹ̀yìntì mi: òfin ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Mo pinnu pé oṣù mẹ́fà léraléra ni ṣọ́ọ̀bù máa fi bọ́ wa, láìfọwọ́ kan owó oṣù. May àti June lọ dáadáa. Ní July, òjò dá ọkọ̀ dúró lọ́nà, mo sì yọ ₦40,000 nínú owó oṣù. Ìyàwó mi ní kí n máa kà á lọ. Mo kọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan ní August.

Ìparí January ló pé mẹ́fà. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Owó oṣù tí mo kó jọ la fi san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún tó tẹ̀ lé e, èyí tó kù sì wà ní báńkì de July.