Ìpàdé Géètì Mẹ́ta: Bí Mo Ṣe Tún Ìpinnu Tí Kò Ní Kọ́rọ́ọ̀mù Ṣe

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú kan, a fẹnu kò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan san 20,000 náírà, ká fi ṣe géètì mẹ́ta sáwọn ojú ọ̀nà tí àwọn olè ń gbà gbé ọ̀kadà wọlé lóru. Mo kọ ọ́ sínú mínìtì, ọkàn mi sì balẹ̀. Kí oṣù tó parí, ilé 11 ti san, 220,000 náírà ti wọlé, akápò sì ti ka 150,000 nínú rẹ̀ fún wẹ́dà pé kó lọ ra irin.

Nígbà tí mo gba owó dé ilé bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù, wọn ò pariwo, wọn ò sì lé mi. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bù omi fún mi, wọ́n wá bi mí pé, "Akọ̀wé, èèyàn mélòó ló wà níkàlẹ̀ nígbà tí ẹ dìbò yẹn?"

Mo ní, "Bàbá, èèyàn 34 ló kọ orúkọ."

"Mi ò bi ọ́ léèrè iye tó kọ orúkọ. Iye tó jókòó síbẹ̀ nígbà ìbò ni mo ní kí o sọ fún mi. Tí kọ́rọ́ọ̀mù ò bá pé, kò sí ìpinnu kankan, mi ò sì lè san owó ìpinnu tí kò sí."

Mo padà sílé, mo gbé ìwé mínìtì sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, "ṣé a ti fọ́ọ̀mù kọ́rọ́ọ̀mù?", n kò tíì lóye rẹ̀ dáadáa.

Kọ́rọ́ọ̀mù ni iye ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré jù lọ tó gbọ́dọ̀ wà níjòkòó kí ìpàdé tó lè pinnu ohunkóhun lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́. Èdè Látìn ni wọ́n ti mú un. Láyé àtijọ́, tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń kọ ìwé àṣẹ fáwọn adájọ́ àdúgbò, á dárúkọ àwọn kan pé "nínú àwọn tí a fẹ́ kí ọ̀kan wà níbẹ̀", tó túmọ̀ sí pé bí kò bá sí ẹnì kan nínú àwọn wọ̀nyí níjòkòó, kí àwọn yòókù má dá ẹjọ́ náà. Látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà, kí àwọn díẹ̀ má baà jókòó síbì kan kí wọ́n di ẹrù lé ọ̀pọ̀ lórí.

Ìwé òfin ẹgbẹ́ wa ní kọ́rọ́ọ̀mù ìpàdé gbogbogbò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè owó oṣù ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta iye wo? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ 90 ló wà nínú ìwé ńlá tí mo gbà lọ́wọ́ akọ̀wé tó ṣíwájú mi, 30 ni gbogbo wa sì ti ń pè ní kọ́rọ́ọ̀mù láti ọdún pípẹ́ wá. Mo mú rúlà àti bírò pupa, mo ń lọ lórí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́sàn-án ti kú tàbí ti ta ilé wọn, kò sì sẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀ dípò wọn. Ó ku 81. Mo gbé ìwé akápò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí àwọn 12 tí gbèsè wọn ti kọjá oṣù mẹ́fà. Ó ku 69. Ìdá kan nínú mẹ́ta 69 jẹ́ 23. Nítorí náà, 23 gan-an ni kọ́rọ́ọ̀mù wa.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí 34 ló kọ orúkọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka orúkọ wọn, mẹ́fà nínú wọn kì í ṣe onílé. Ọmọ tàbí ayálégbé tí onílé rán wá ni wọ́n, ìwé òfin wa ò sì fàyè gba aṣojú. Àwọn mẹ́ta mìíràn wà nínú àwọn onígbèsè 12 yẹn. Ó ku 25. Ó ṣì ju 23 lọ, a jẹ́ pé ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Àìpé kọ́rọ́ọ̀mù wọlé lẹ́yìn ìyẹn. Aago mẹ́rin la bẹ̀rẹ̀. A sọ̀rọ̀ lórí ìnáwó ọdún tó kọjá, a sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà, àwọn méjì jà lórí ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ géètì ló gbẹ̀yìn, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù, ojú ọ̀run sì ti ṣú dùdù. Mo rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbá agbádá wọn jọ, tí wọ́n ń yọ́ jáde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ohun tí mo kọ sínú mínìtì ni pé àwọn 13 gbà, àwọn mẹ́rin kò gbà. Mo fi alága àti èmi fúnra mi kún un, torí àwa náà ọmọ ẹgbẹ́ ni, a sì wà níkàlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò dìbò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19. Mẹ́rin ló dín ní 23. Ọwọ́ mi ló kọ ẹ̀rí pé ìpinnu náà kò dúró, èmi ni mi ò sì rí i.

Ohun tó wá dà bí iná lójú mi ni 150,000 tó ti wà lọ́wọ́ wẹ́dà. Bí kò bá sí ìpinnu, kò sí ẹni tó fún akápò láṣẹ láti ná owó náà. Ọrùn alága àti akápò ló wà, àfi tí ẹgbẹ́ bá jókòó nínú ìpàdé tí kọ́rọ́ọ̀mù ti pé, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀. Mo sáré lọ bá àwọn méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà. A ní kí wẹ́dà dúró ná, a sì dá gbígba owó dúró.

Mo wá kọ ìwé ìpè. Ìwé òfin wa ní ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwé ìpè àti ìpàdé. N kò kọ "ọ̀rọ̀ géètì" lásán síbẹ̀. Mo kọ ohun méjì gedegbe: pé a óò dìbò lórí 20,000 náírà fún géètì mẹ́ta, àti pé a óò dìbò bóyá kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí 150,000 tí a ti san fún wẹ́dà. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé owó òun ni wọ́n fẹ́ sọ lè jókòó sílé, ó sì lè bínú lẹ́yìn náà pé wọn ò sọ fún òun.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, èèyàn 21 ló wá. A dúró fún ààbọ̀ wákàtí, a pe àwọn tó kù lórí fóònù, kò sẹ́ni tó tún wọlé. Alága wa dìde, wọ́n ní, "Gbogbo àwa tó wà níbí gbà. Kí la tún ń dúró dè?" Ẹlòmíràn ní kí àwọn tó kù dìbò lórí Wọ́sáàpù. Ó ṣòro fún mi láti dá wọn lóhùn, torí àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí gbogbo àwa 21 bá tiẹ̀ gbà, àwọn tí kọ́rọ́ọ̀mù wà fún ni àwọn tí kò sí níbí, a ò sì lè bá wọn yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́sáàpù náà ò sí nínú ìwé òfin wa." Ohun tí ìpàdé tí kò ní kọ́rọ́ọ̀mù lè ṣe kò pọ̀: ó lè wá bí èèyàn yóò ṣe pé, ó lè sinmi díẹ̀, ó lè dá ọjọ́ mìíràn, ó sì lè túká. A dá ọjọ́ mìíràn. Mo kọ ọ́ sínú mínìtì pé 21 la jẹ́ àti pé a ò pinnu ohunkóhun.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo yí ètò padà. Mo fi ìbò géètì ṣe ohun àkọ́kọ́ lẹ́yìn àdúrà, kó má baà di ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orúkọ 69, ẹni tó bá sì wọlé, mo máa ń fi àmì sí orúkọ rẹ̀ fúnra mi dípò kí n na ìwé sí i pé kó kọ ọ́. Mo fi àmì sí orúkọ 27. Kí alága tó pe ìbò, mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀, mo dìde, mo ka orí lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. 26 ni, ẹnì kan ti jáde lọ gbọ́ fóònù. Mo kà á sókè kí gbogbo ayé gbọ́, mo sì kọ aago síbẹ̀: 4:25. Àwọn 17 gbà, àwọn méje kò gbà, alága àti ẹnì kan kò dìbò. 17 àti 7 àti 2 jẹ́ 26. A tún ka orí kí a tó dìbò lórí owó wẹ́dà, èyí náà sì wọlé.

Bàbá tó bi mí léèrè wà nínú àwọn méje tí kò gbà. Géètì mẹ́ta ti pọ̀ jù lójú wọn, méjì ni wọ́n fẹ́. Wọ́n san 20,000 tiwọn kí wọ́n tó kúrò ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì ní kí n kọ déètì ìpàdé náà sórí rìsíìtì.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ tún ṣe. Òfin ilé iṣẹ́ tí ìjọba ṣe lọ́dún 2020 ní ọgbọ́n kan: bí kọ́rọ́ọ̀mù bá yẹ̀ láàárín ìpàdé ilé iṣẹ́ nítorí ìdí tó tọ́, wọ́n á sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì, iye tó bá sì wá lọ́jọ́ náà ti tó. Mo fẹ́ kí irú ẹ̀ wọ ìwé òfin wa, torí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti tún ìwé òfin ṣe, kọ́rọ́ọ̀mù nìkan ò tó. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí gbèsè wọn ò ju oṣù mẹ́fà lọ ló gbọ́dọ̀ gbà, ìyẹn 46 nínú 69. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwa ará Ọ̀yọ́ sì ti rí i lójú ara wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 ló yọ Gómìnà Ràṣídì Ladọja. 18 ju ìdá kan nínú mẹ́ta tí Ilé náà nílò láti jókòó lọ, torí 11 ti tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ìyọnípò nílò, ìyẹn 22. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ìyọnípò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, gómìnà sì padà sórí àga.

Láti ìgbà tí mo ti di akọ̀wé, a ò tíì jókòó tó 46 rí. Àbá mi ṣì wà nínú fáìlì, mo sì ń mú un lọ sí gbogbo ìpàdé.