Bí Mo Ṣe Nu Ṣúgà Kúrò Lábẹ́ Bọ́tìnì Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Mi

Nígbà tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò dà sórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, ojú ẹsẹ̀ ni mo yọ wáyà iná rẹ̀, tí mo pa á pátápátá, tí mo sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí aṣọ ìnura, kí èyí tó ṣẹ́ kù lè ro jáde. Lẹ́yìn tí ó gbẹ dáadáa tí mo tàn án, lẹ́tà gbogbo ń jáde, ṣùgbọ́n bọ́tìnì K, O àti L ń lẹ̀, wọn kì í tètè gbéra padà. Àmì rere nìyẹn, nítorí ó fi hàn pé abẹ́ bọ́tìnì ni ṣúgà wà. Bí lẹ́tà kò bá jáde rárá, tàbí tí ó ń tẹ ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi náà ti dé ibi tí iná ń gbà kọjá nísàlẹ̀, ìnù láti òkè kò sì ní tó o.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré mú ọtí áísópírópílì, ìyẹn ọtí tí a fi ń nu ẹ̀rọ tí kì í ṣe fún mímu, bẹ́ẹ̀ ṣúgà kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú ọtí tó le tó 90%. Omi ló ń yọ́ ọ. Nítorí náà, omi ni mo kọ́kọ́ lò, ọtí ló sì tẹ̀ lé e láti lé omi náà jáde, torí pé ó ń yára gbẹ. Omi dísítílì, ìyẹn omi tí a sè tí a sì gba oruku rẹ̀ padà di omi, ni mo lò, nítorí kì í fi iyọ̀ sílẹ̀ bí ó bá gbẹ.

Mo tún pa ẹ̀rọ náà, mo rẹ òwú ìnu-etí sínú omi, mo fún un títí kò fi kán mọ́, mo wá ń nu ẹ̀bá bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. K àti O gbà, ṣùgbọ́n L kò gbà. Mo fi pẹlẹbẹ ike tín-ínrín gbé igun rẹ̀ kan sókè díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni a ń gbà ṣí bọ́tìnì bákan náà, nítorí náà, ẹni tó bá rí i pé ó ń kọ̀ kí ó dáwọ́ dúró. Lábẹ́ rẹ̀ ni apá ike kékeré méjì wà, wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àlùmọ́gàjí, rọ́bà rírọ̀ sì wà láàárín wọn. Ibi tí apá méjèèjì ti pàdé gan-an ni ṣúgà ti gbẹ, ó ń dán, ó sì pọ́n díẹ̀. Mo rọra nu ibẹ̀, n kò sì fa rọ́bà náà rárá. Orí bọ́tìnì nìkan ni mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀, tí mo sì jẹ́ kí ó gbẹ.

N kò ṣí bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀, nítorí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì í mú máa ń tètè tẹ̀. N kò fi asitóònù, èyí tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, kan ohunkóhun, nítorí ó ń jẹ ike.

Lẹ́yìn tí mo fi ọtí nu gbogbo rẹ̀, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tẹ L padà sí àyè rẹ̀ títí ó fi dún, mo sì tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan wò. L ṣì lẹ̀ díẹ̀, mo bá fi omi nu ìsopọ̀ apá ike náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó fi ọtí gbẹ ẹ́, láti ìgbà náà ni ó ti ń gbéra bí àwọn yòókù.